“Ṣé Ẹ Ń Ta Omi Inú Ọ̀rá?”: Ohun tí àkọlé kan kọ́ mi ní Adó-Èkìtì

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ pe Ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn tí mo parí ìkànnì wọn. Ó ní àwọn fẹ́ sin ìyá àwọn ní Ìkẹ́rẹ́, àwọn sì nílò ọgọ́rùn-ún àpò omi inú ọ̀rá, ṣé wọ́n á lè gbé e dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì? Ẹ̀gbọ́n ní àwọn kì í ta omi. Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan pè láti Ìyìn, ó ń kọ́lé lọ́wọ́, táńkà omi kan ló fẹ́ kí wọ́n bá òun já sílẹ̀. Ẹni kẹta kò tilẹ̀ béèrè ọjà kankan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ló ni wọ́n, nítorí omi ẹ̀rọ àdúgbò rẹ̀ ti dá láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà fi máa parí, Ẹ̀gbọ́n pè mí, wọ́n ní, “Àbúrò, kí lo kọ síbẹ̀ gan-an?”

Bọ́hòlù ni Ẹ̀gbọ́n ń gbẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ní Básírì níbí, wọn kì í sì í ta ife omi kan.

Mo padà lọ wo ohun tí mo kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ rèé: “Ẹ káàbọ̀ sí ìkànnì wa. A ń mú ojútùú ìgbàlódé wá fún gbogbo ìṣòro omi yín.” Lábẹ́ rẹ̀, mo tún kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà gbajúmọ̀, pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọṣẹ́, pé oníbàárà ni wọ́n ń fi ṣáájú ohun gbogbo. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́. Àwòrán ọmọ òyìnbó kan tó ń mu omi, tó ń rẹ́rìn-ín, ni mo fi sẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà “bọ́hòlù” kò sí níbì kankan lójú ìwé àkọ́kọ́ títí ènìyàn á fi fi ìka fa ojú fóònù sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohun tí ẹni tó bá já síbẹ̀ rí ni “omi”, “ìṣòro” àti ọmọ tó ń mumi. Tí ẹ bá sọ fún ará Adó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pé ẹ ń yanjú ìṣòro omi, kí ni yóò wá sí i lọ́kàn ná? Táńkà ni. Tó bá sì jẹ́ pé ìnáwó ló wà nílẹ̀ fún un, omi inú ọ̀rá ni. Àwọn tó pè kò gọ̀. Ohun tí mo kọ ni wọ́n kà.

Mo wá mú gbólóhùn kejì yẹn, èyí tó ń sọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ àti oníbàárà tí a ń fi ṣáájú. Mo pa orúkọ Ẹ̀gbọ́n rẹ́ nínú rẹ̀, mo fi “aránṣọ” síbẹ̀. Ó bá a mu. Mo fi “alábúrẹ́dì” sí i, ó tún bá a mu. Mo fi “akanpósí” sí i, ẹ̀rín pa mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dán gbogbo àkọlé wò báyẹn: tí ẹlòmíràn tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá bá lè yá gbólóhùn náà láì yí ohunkóhun padà, kò tíì sọ nǹkankan.

Mo rò pé ó tán. Mo lọ bá Ẹ̀gbọ́n, mo ní mo fẹ́ yọ “Ẹ káàbọ̀” kúrò kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́. Wọ́n fajú ro. “Ṣé ènìyàn á wọ ilé ẹni, ká má kí i? Ọmọ Èkìtì mà ni ẹ́.” Mi ò mọ èsì tí mo máa fọ̀, torí òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ilé. Kí n tún sọ ọ́ tán, wọ́n tún fẹ́ kí àwòrán tiwọn nínú agbádá ó wà lókè pátápátá, kí ọdún tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé e, kí a tó dé orí bọ́hòlù. Oríkì ṣáájú, iṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Bàbá kan tó ń kọ pátákó ní Òkèṣà ló bá mi tú u. Kí àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ báńà tó kún ìgboro, ọwọ́ bàbá yìí ni ọ̀pọ̀ pátákó ti jáde. Mo ro ẹjọ́ Ẹ̀gbọ́n fún wọn. Wọ́n bi mí pé ṣé mo ti rí ibi tí ẹni tó ń lẹ táyà ti kọ “Ẹ káàbọ̀” sí ara táyà rí. Mo ní rárá. Wọ́n ní, “Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà kò tíì wọ ilé rẹ, ọmọ mi. Títì ló ṣì wà. Ó ń wá ibi tó máa yà sí. Jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kóun yà, tó bá wọlé tán, kí o wá dọ̀bálẹ̀ fún un.” Wọ́n ní àwọn kì í gbà kí ọ̀rọ̀ orí pátákó tó kọjú sí títì ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Tí oníṣẹ́ bá ní kí àwọn kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n á kó o sí, ní lẹ́tà kéékèèké, fún ẹni tó bá ti dúró.

Ẹni tó ṣí ìkànnì náà, títì ló ṣì wà. Ó tẹ ohun tó ń wá sínú Google, ó rí mẹ́rin márùn-ún, ó ń ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan, bọ́tìnì tó máa fi padà sẹ́yìn ò sì jìnnà sí àtàǹpàkò rẹ̀. Ní ọdún 2011, Jakob Nielsen, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí bí ènìyàn ṣe ń lo ìkànnì, kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́ ló le jù: ẹni tí kò bá rí ìdí tó fi yẹ kó dúró láàárín ìyẹn ti lọ. Àwọn kan tún máa ń dárúkọ ìwádìí Gitte Lindgaard àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà, ti ọdún 2006, èyí tó fi hàn pé láàárín ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá ni ènìyàn ti ń pinnu bóyá ojú ìwé kan wu òun. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹwà nìyẹn ń sọ. Ojú lè rí ẹwà kíákíá báyẹn, àmọ́ kò lè ka gbólóhùn kan tán. Tèmi lẹ́wà. Kò kàn sọ ohun tí à ń ṣe ni.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa ṣe é lọ. A gbé agbádá lọ sí ojú ìwé tó ń sọ ìtàn ilé-iṣẹ́. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó sì yẹ wọ́n.

Mo wá kọ èkejì. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún béèrè omi inú ọ̀rá mọ́, nítorí náà mo kó gbogbo iṣẹ́ wọn sínú rẹ̀: “A ń gbẹ́ bọ́hòlù, a ń gbé pọ́ọ̀ǹpù sí i, a ń ri irin tánkì, a ń fa omi wọ inú ilé, a sì ń tún èyí tó bàjẹ́ ṣe.” Ọ̀rọ̀ kan kò ṣókùnkùn níbẹ̀. Mo rò pé mo ti bọ́.

Ọ̀nà tí mo gbà dán an wò rèé, ó sì rọrùn. Mo ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù mi, mo nà án sí ẹni náà, mo ka ení dé àrún nínú mi ní wọ́ọ́rọ́wọ́, mo gbà á padà. Mo wá béèrè nǹkan mẹ́ta: Kí ni àwọn èèyàn yìí ń ṣe? Ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Tí ẹ bá fẹ́ ẹ, kí lẹ máa ṣe? Mi ò jẹ́ kí wọ́n tún fóònù wò. Ènìyàn méje ni mo bi: olùkọ́ kan, bíríkìlà méjì, ìyá tó ń ta iyán níwájú ilé wa, ọlọ́kadà kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, àti àbúrò ìyàwó mi.

Àbúrò ìyàwó mi kò yẹ kó wà nínú wọn. Ó ti mọ Ẹ̀gbọ́n, ó mọ iṣẹ́ wọn, kò tíì wo fóònù dáadáa tó fi dáhùn. Ẹni tó bá ti mọ̀ yín kò lè sọ ohun tí àkọlé sọ, ohun tí òun mọ̀ ni yóò sọ. Mo yọ tirẹ̀ kúrò, mo wá akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn.

Ohun kejì tí mo bá pàdé, tiwa nílẹ̀ yìí ni. Ìyá oníyán ni mo kọ́kọ́ bi pé, “Mà, ṣé ó yé yín?” Wọ́n ní, “Ó yé mi o, ọmọ mi, ó dáa gan-an, ẹ kú iṣẹ́.” Inú mi dùn. Mo wá ní kí wọ́n sọ fún mi ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe àwọn tó ń fa omi sílé ni, àwọn pọ́lọ́ńbà? Kò yé wọn rárá. Wọn ò kàn fẹ́ dójú tì mí ni. Láti ìgbà náà, n kì í béèrè “Ṣé ó yé yín?” mọ́. Mo máa ń ní kí ẹni náà sọ ọ́ padà fún mi bíi pé ó ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ìwà ọmọlúàbí máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀, pàápàá tí ẹni tó ń béèrè bá jókòó síwájú rẹ.

Nínú àwọn méje náà, méjì péré ló sọ pé bọ́hòlù. Àwọn yòókù mú ọ̀kan nínú nǹkan márùn-ún tí mo tò, kì í sì í ṣe ọ̀kan náà ni gbogbo wọn mú. Ọlọ́kadà ní àwọn tó ń ri tánkì ni. Bíríkìlà kan ní àwọn tó ń tún pọ́ọ̀ǹpù ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, nǹkan kan ṣoṣo ni orí ènìyàn ń gbé jáde níbẹ̀. Tí ẹ bá to márùn-ún síwájú rẹ̀, òun ló máa yan èyí tó máa gbé.

Mo bi Ẹ̀gbọ́n pé nínú iṣẹ́ márùn-ún náà, èwo ni àwọn yòókù ń tẹ̀ lé. Wọ́n ní gbígbẹ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá gbẹ́ bọ́hòlù fún ló ń ra pọ́ọ̀ǹpù, tó ń ri tánkì. Nítorí náà, gbígbẹ́ nìkan ni mo mú: “A ń gbẹ́ bọ́hòlù káàkiri Èkìtì.” Iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, àgbègbè náà wà níbẹ̀. Tí n kò bá dárúkọ Èkìtì, ará Ìjerò á rò pé Adó nìkan ni wọ́n mọ̀, ẹni tó wà ní Ìbàdàn náà á sì máa pè lásán.

Gbólóhùn tó tẹ̀ lé àkọlé ló gba àkókò jù, torí iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Àkọlé ti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Gbólóhùn yìí ló máa dáhùn ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ti mọ̀ pé bọ́hòlù ni òun fẹ́. Mo jókòó ti Ẹ̀gbọ́n ní ọjọ́ méjì, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá: “Tí ẹ bá gbẹ́ ẹ tí omi ò jáde ńkọ́?”

Ìbẹ̀rù yẹn nídìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró nísàlẹ̀ Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ mọ irú ilẹ̀ tí a ń gbé. Àpáta ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ Èkìtì, àpáta líle kò sì ní ààyè tí omi lè sá pamọ́ sí. Ibi tí àpáta ti jẹrà tàbí ibi tó ti sán ni omi máa ń wà, ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sì lè ya ibi tí omi wà sọ́tọ̀ kúrò lára ibi gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbọ́n fi máa ń yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wá. Wọ́n á kan irin mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, wọ́n á fi iná mànàmáná gba inú ilẹ̀ kọjá, wọ́n á wo bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná náà sí. Àpáta gbígbẹ máa ń dènà rẹ̀ gan-an. Ibi tó sán, tí omi wà, máa ń jẹ́ kó kọjá.

Gbogbo èyí wà ní ojú ìwé kẹrin ìkànnì náà, lábẹ́ “Ọ̀nà Ìṣiṣẹ́ Wa”, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Mo fà á wá sókè: “A máa ń yẹ abẹ́ ilẹ̀ yín wò kí a tó gbẹ́ ẹ, ká lè mọ ibi tí omi ti ṣeé ṣe kó wà.”

Ibẹ̀ la ti tún jà. Ẹ̀gbọ́n ní “ṣeé ṣe” kò lágbára tó. Wọ́n fẹ́ “Omi gbọ́dọ̀ jáde”. Mo ní ṣé ó máa ń jáde ní gbogbo ìgbà? Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ amọ̀ fún mi: amọ̀ náà máa ń jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ibi tómi wà, àmọ́ kì í fi omi rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ lè tan ni jẹ. Àyẹ̀wò ń dín òfò kù, kò lè pa á rẹ́. Mo ní tí a bá kọ “gbọ́dọ̀” sí àkọlé, ẹni tí tirẹ̀ bá gbẹ máa ya àwòrán àkọlé náà, á sì gbé e wá bá wọn. Wọ́n gbà. Ohun tí ẹ kò lè dúró tì lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, ẹ má kọ ọ́ sókè ibẹ̀.

Gbólóhùn kẹta kúrú, ó ń sọ ohun tí ẹni náà máa ṣe: “Ẹ sọ ìlú àti àdúgbò tí ilẹ̀ náà wà, a ó sọ iye tí àyẹ̀wò máa jẹ́.” Bọ́tìnì abẹ́ rẹ̀ ni “Ẹ pè wá nípa ilẹ̀ yín”. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo kọ sára bọ́tìnì ni “Ẹ kà sí i”. Kí ni wọ́n fẹ́ kà sí i?

Mo tún bi ènìyàn méje mìíràn. Ẹni tó bá ti rí ti tẹ́lẹ̀ kò wúlò mọ́. Mẹ́fà sọ pé bọ́hòlù, márùn-ún nínú wọn sì fi kún un pé wọ́n máa ń yẹ ilẹ̀ wò. Ẹni keje, obìnrin kan tó ń ta aṣọ, ní omi mímu ni wọ́n ń tà. Mo bi í pé kí ló rí. Ó ní, “Ọmọ òyìnbó yẹn ni mò ń wò.” Mo yọ ọmọ òyìnbó. Mo ya àwòrán ẹ̀rọ Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́, pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ tí eruku bò. Kò lẹ́wà tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àkọlé ń sọ lòun náà ń sọ.

Àwọn nǹkan mìíràn tí mo tún ṣe kò gba ọjọ́ kan. Inú àwòrán ni mo kọ àkọlé sí tẹ́lẹ̀, bíi báńà. Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti wúwo, àwòrán kò tètè dé, àkọlé náà kò sì lè dé láìsí i: pátákó òfìfo ni ènìyàn ń wò. Àwòrán mẹ́ta tó ń yí padà náà sì wà níbẹ̀, èyí tó fi bọ́hòlù hàn ni ìkejì, ọ̀pọ̀ kò sì ní dúró dè é. Mo yọ yíyí náà, mo sì sọ àkọlé di ọ̀rọ̀ gidi. Mo tún rí i pé ohun tí mo kọ sí `title`, èyí tí Google sábà máa ń gbé jáde tí Wásáàpù náà sì ń fi hàn tí ẹnìkan bá fi líǹkì ránṣẹ́, ni `Home`. Bí ìkànnì náà ṣe rí nísinsìnyí lédè Yorùbá nìyí:

```html
<title>Gbígbẹ́ bọ́hòlù ní Èkìtì</title>
<h1>A ń gbẹ́ bọ́hòlù káàkiri Èkìtì</h1>
<p>A máa ń yẹ abẹ́ ilẹ̀ yín wò kí a tó gbẹ́ ẹ,
ká lè mọ ibi tí omi ti ṣeé ṣe kó wà.</p>
```

Lórí fóònù kékeré tí ọmọ iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n kan ń lò ni mo ti wò ó kẹ́yìn, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà mi. Lẹ́tà tó tóbi dáadáa lórí kọ̀ǹpútà gba ìlà mẹ́fà lórí tirẹ̀, ó sì ti bọ́tìnì sísàlẹ̀. Mo dín lẹ́tà kù títí àkọlé fi dúró sí ìlà méjì tí bọ́tìnì náà sì hàn láì fa ojú ìwé sókè.

Mi ò lè sọ pé oníbàárà rọ́ wá. Ìdánwò ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kò lè sọ bóyá ènìyàn á sanwó, bóyá ohun tí a kọ yé e nìkan ló lè sọ. Ohun tó yí padà ni ìbéèrè tí àwọn tó ń pè fi ń bẹ̀rẹ̀. “Ìjerò ni ilẹ̀ mi wà, ṣé ẹ máa ń dé ibẹ̀?” “Èló ni àyẹ̀wò yẹn?” “Àpáta wà lẹ́yìn ilé mi, ṣé ẹ ṣì lè yẹ̀ ẹ́ wò?” Ẹ̀gbọ́n kì í tún lo ìṣẹ́jú mẹ́ta láti ṣàlàyé pé àwọn kì í ta omi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún pè mí. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí sin adìyẹ lẹ́yìn ilé, ẹyin sì ti pọ̀. Wọ́n ní ṣé n kò lè bá wọn fi í kún àkọlé náà, pé ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ni: “A ń gbẹ́ bọ́hòlù káàkiri Èkìtì, a sì ń ta ẹyin.” Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ bá bàbá Òkèṣà kọ pátákó ẹyin sí ẹnu géètì.